Àwọn ìbéèrè tó tú tíọ́rì mi wò ní sẹ́mínà

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni mo dìde ka iṣẹ́ másítà mi nínú yàrá kékeré kan ní Kábà, níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́rin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi mẹ́jọ. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ka ìwé. Ọkàn mi balẹ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n máa bi mí tí n kò ní rí èsì rẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, mo ti rí i pé iṣẹ́ náà dúró lórí nǹkan mẹ́ta tí n kò kọ síbì kankan, tí èmi fúnra mi kò sì mọ̀ pé mo ti gbà. Nítorí ẹni tó ń múra sẹ́mínà sosiọ́lọ́jì lọ́wọ́ ni mo ṣe ń kọ èyí, kí ó lè fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò nílé kí ó tó gbé e jáde.

Ìlú méjì ni iṣẹ́ mi dá lé, ní Yàgbà ni àwọn méjèèjì wà, wọn kò sì jìnnà síra wọn. Ọ̀kan ni ìlú wa. Ìlú wa dá owó jọ, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjì, wọ́n sì tún òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, láìdúró de ìjọba. Ìlú kejì, tí èrò rẹ̀ kò kéré sí tiwa, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn tirẹ̀, ó dé ojú fèrèsé, igbó sì ti bo ó. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Tíọ́rì tí mo gbé e kà ni èyí tí wọ́n ń pè ní sóṣà kápítà. Ọrọ̀ àjọṣe ni èmi máa ń pè é, ìyẹn ni pé mímọ ara ẹni àti fífọkàn tán ara ẹni jẹ́ ọrọ̀ tí ìlú lè ná bí wọ́n ṣe ń ná owó. Ìwé tí Robert Putnam, onímọ̀ ìṣèlú ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1993 nípa ilẹ̀ Ítálì ni mo tẹ̀ lé jù. Ní 1970 ni wọ́n dá ìjọba sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹkùn ibẹ̀. Putnam àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń wo àwọn ìjọba wọ̀nyí fún bí ogún ọdún, wọ́n sì rí i pé ti apá àríwá ń ṣe dáadáa ju ti gúúsù lọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé ní àríwá, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bára wọn ṣe ẹgbẹ́, bí ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ láti fọkàn tán ara wọn, ìyẹn ló sì mú kí iṣẹ́ ìlú lọ déédéé.

Mo ya àpótí mẹ́rin sójú pátákó, mo sì fi ọfà so wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ ń bí ìgbẹ́kẹ̀lé, ìgbẹ́kẹ̀lé ń bí ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ń bí ìdàgbàsókè. Ó dùn mọ́ mi nínú bí ó ṣe rí lẹ́wà.

Màmá kan nínú àwọn olùkọ́, ọmọ Ìjùmú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ pé tíọ́rì mi kò dára. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, bí ènìyàn bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yín, báwo ló ṣe máa ṣe é?"

Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, kò sí ẹni tó ń kúrò."

Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń kúrò, àbí kò sí ẹni tó lè kúrò?"

N kò lè fèsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Putnam wí nípa ẹgbẹ́ akọrin. Ó gbọ́ mi tán, ó ní ẹgbẹ́ akọrin kọ́ ni òun béèrè. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kan wà tí mi ò rí lọ́jọ́ náà: nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè nípa àwọn ènìyàn rẹ, tí o wá fi orúkọ oǹkọ̀wé dáhùn, ibẹ̀ gan-an ni ohun tí o gbà láìsọ sá pamọ́ sí. Ní Ítálì, ẹni tí orin bá sú á lọ sílé, kò sí ohun tó máa ṣe é. Mo ti gbé "ẹgbẹ́" láti ibẹ̀ wá sí Yàgbà bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan náà ni, bí ẹni pé inú dídùn ló mú olúkúlùkù wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá kejì béèrè tirẹ̀. "Ìlú kejì yẹn, báwo lo ṣe mọ̀ pé wọn kò fọkàn tán ara wọn?"

Mo ní, "Nítorí pé wọn kò lè parí ilé ìwòsàn náà, Sà."

"Kí ló wá fà á tí wọn kò fi lè parí rẹ̀?"

"Wọn kò fọkàn tán ara wọn, Sà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ọ létí ara mi. Ẹnikẹ́ni kò ní láti fi yé mi. Mo ti ń fi àbájáde ṣe ẹ̀rí ohun tó fà á, mo sì tún ń fi ohun tó fà á ṣàlàyé àbájáde. Alejandro Portes, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì kan, ti kọ ọ́ ní 1998 pé àìsàn tó ń bá tíọ́rì yìí jà jù nìyẹn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá gbé e kúrò lára ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ sórí odindi ìlú. Mo ti ka Portes. Mo tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ nínú orí kejì iṣẹ́ mi. Kíkà nìkan kò jẹ́ kí n rí i nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ìbéèrè kẹta ló dùn mí jù nítorí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ló bi mí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú ìwé Putnam, kí ni wọ́n wọ̀n ní ìparí?" Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ ìjọba ẹkùn ni. Òdiwọ̀n méjìlá ni wọ́n lò, bíi kí ìjọba gbé ìṣúná jáde lásìkò, kí ilé ìtọ́jú ọmọdé wà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tètè fèsì nígbà tí ará ìlú bá kọ̀wé béèrè nǹkan. Ó ní, "Nínú tiyín ńkọ́, ìjọba dà?"

Kò sí ìjọba níbì kankan nínú tèmi. Ohun tí Putnam ń ṣàlàyé ni bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí èmi ń ṣàlàyé ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba kò ṣe. Mo ti yọ àpótí ìkẹyìn kúrò, mo fi òmíràn sí i, orúkọ kan náà ni mo sì ń pè é. Ṣùgbọ́n Peter Ekeh, ọ̀mọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, ti kọ ọ́ láti 1975 pé inú àwùjọ méjì ni ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Áfíríkà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni ti ìbátan àti ìlú ẹni, tí a gbà pé a jẹ ní gbèsè. Èkejì ni ti ìjọba tó ti ọwọ́ òyìnbó wá, tí a gbà pé kò sí gbèsè ìwà kankan tí a jẹ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, okun tó wà nínú ẹgbẹ́ ìlú lè má ṣe ìjọba láǹfààní kankan. Tíọ́rì tí mo mú wá gbà láìsọ pé àwùjọ kan ṣoṣo ló wà, pé ohun tí ènìyàn kọ́ nínú ẹgbẹ́ ló máa gbé dé ọ́fíìsì.

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, ohun tí mo ń rò ni pé wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi ṣí fáìlì iṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nírú ipò yẹn báyìí, ohun kan ṣoṣo tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an bí wọ́n ṣe bi wọ́n, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí ìbínú mi tó yí wọn padà. Nígbà tí mo padà kà wọ́n, kò sí èébú kan nínú wọn. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ nípa tíọ́rì ní gbogbogbò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè nǹkan tí ènìyàn lè lọ wò.

Mo lọ wò wọ́n. Mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mo kí i, "Okun o, Bàbá," ó sì gbé àpò ìrẹsì kan jáde tí ìwé rìsíìtì kún inú rẹ̀. Owó orí ọkùnrin kan lọ́dún jẹ́ ₦10,000, ti obìnrin ₦5,000. Nígbà tí mo ń ṣí ìwé náà, mo rí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san ₦10,000 wọn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, lójijì, ẹnì kan á san ₦40,000 lọ́jọ́ kan, gbèsè ọdún mẹ́rin. Mo bi Bàbá pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó wo déètì, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n sin bàbá rẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi láìfi pa mọ́. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, àwọn ọ̀dọ́ kì í bá a gbẹ́ ilẹ̀, ẹgbẹ́ kì í sì í jókòó níbi ìnáwó rẹ̀, àfi tó bá san. Ìwé ọdún mẹ́fà ni a jọ yẹ̀ wò. Mẹ́tàlélógún ni àwọn gbèsè tó ju ọdún méjì lọ tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́kàndínlógún nínú wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó nílé ẹni tó san án. Nǹkan tí mo pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé lójú pátákó ní Kábà, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ló wà nídìí díẹ̀ nínú rẹ̀. Toshio Yamagishi, ọmọ Japan tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ya méjèèjì sọ́tọ̀: ó yàtọ̀ kí n gbà pé ènìyàn rere ni ọ́, ó sì yàtọ̀ kí n mọ̀ pé bí o bá dà mí, ìyà á jẹ ọ́. Tíọ́rì mi kò ní àyè fún èkejì.

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí ìwé yẹn sọ lọ. Àwọn tó san gbèsè ni rìsíìtì ń fi ẹ̀rù wọn hàn. Ẹni tó ń san lásìkò lọ́dọọdún, bóyá ìfẹ́ ìlú ló ń sún un, bóyá ìbẹ̀rù ni, rìsíìtì kò lè yà wọ́n. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé ìbéèrè kan ka màámi, èyí tí àwọn olùwádìí ti ń bi ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti wọn ìgbẹ́kẹ̀lé: "Ní gbogbogbò, ṣé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣeé fọkàn tán, àbí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi tó bá ń bá ẹlòmíràn da nǹkan pọ̀?" Mo ti tẹ ìbéèrè náà sínú fọ́ọ̀mù igba. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, "Ènìyàn wo? Ṣé èyí tí mo mọ̀ ni, àbí èyí tí mo kàn rí?"

Mo ní kí ó sáà dáhùn. Ó ní, "Àwa tí à ń dá èsúsú ńkọ́? Bí mo bá fọkàn tán gbogbo wọn, kí la wá ń fi ìwé ṣe?" Ó dìde, ó mú ìwé náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìwé yẹn díẹ̀, nítorí ó kọ́ mi ju orí méjì nínú iṣẹ́ mi lọ. Obìnrin méjìlá ni wọ́n, ₦5,000 ni wọ́n ń dá lóṣù, ₦60,000 sì ni ẹni tó bá kàn ń kó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o ti gba ₦60,000 nígbà tó jẹ́ pé ₦5,000 péré ni òun ti dá. Ó jẹ àwọn yòókù ní ₦55,000, oṣù mọ́kànlá ló sì máa fi san án. Ẹni tó bá kó gbẹ̀yìn ti yá àwọn ẹlòmíràn ní ₦55,000 kí ọwọ́ rẹ̀ tó ba kọ́bọ̀. Nítorí náà, ipò tí wọ́n fi ènìyàn sí jẹ́ òdiwọ̀n bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ tó, nínú náírà, oṣù kan sí òmíràn.

Ọmọ Bùnú ni màámi, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọ ìlú wa ni. Ọdún tó kọ́kọ́ wọ èsúsú náà, ipò kọkànlá ni wọ́n fi í sí, obìnrin mìíràn tí àwọn méjèèjì jọ wọlé ló gba ìkejìlá. Olúkúlùkù wọn sì mú onídùúró wá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó bọ́ sí ipò kẹjọ. Lẹ́yìn mẹ́ta mìíràn, ìkẹrin. Mo fi ìka tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ láti ojú ewé dé ojú ewé bó ṣe ń gòkè. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ lè dá owó yìí pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn ní ọjà Ẹ̀gbẹ̀?" Ó ní, "Rárá o. N kò mọ̀ wọ́n."

Ohun méjì wó nínú tíọ́rì mi nígbà yẹn. Wọn kò ní láti fọkàn tán ara wọn kí èsúsú tó bẹ̀rẹ̀. Àìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, wọ́n sì rí ọ̀nà gbà á láyè láìpa ara wọn lára. Èkejì ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó wá hù lẹ́yìn náà kò tú jáde. Ó mọ sí ara ènìyàn méjìlá. Mo ti gbà láìsọ pé ohun tó bá hù nínú ẹgbẹ́ kékeré yóò tàn dé ọ̀dọ̀ àjèjì, bí omi tó kún kòtò kan ṣe ń ṣàn bọ́ sí òmíràn. Mo ju fọ́ọ̀mù igba náà nù. Mo tẹ òmíràn tí ìbéèrè rẹ̀ ń sọ orúkọ: ará ilé, ará àdúgbò, ẹni tí ẹ jọ ń dá èsúsú, ará ìlú kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Nígbà tí mo tún iṣẹ́ náà kọ, mo ṣe ohun kan tí mo ṣì ń ṣe títí di òní. Mo nu àwọn ọfà náà kúrò, mo sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn Yorùbá tó ní olùṣe. Lójú pátákó, "ẹgbẹ́ ń bí ìgbẹ́kẹ̀lé" rọrùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún màámi, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ta ló fọkàn tán ta, lórí kí ni, àti pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹni náà bá já a kulẹ̀. Ibi tí n kò bá ti rí orúkọ fi sí i ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ tí mo gbà láìwádìí. Nínú ọfà mẹ́ta, méjì ni n kò lè kọ parí. Lẹ́yìn náà, mo kọ ohun tí ó yẹ kí n rí bí tíọ́rì náà kò bá tọ̀nà, kí n tó padà lọ sí ìlú kejì. Mo kọ ọ́ pé bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá pọ̀ nínú èsúsú wọn bíi tiwa, tí ilé ìwòsàn wọn sì ṣì wà lójú fèrèsé, a jẹ́ pé ibòmíràn ni kí n wá ìdí rẹ̀ sí. Èsúsú mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, tí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ láìdàrú. Ohun tí ẹgbẹ́ ìlú wọn kò ní ni òfin ìsìnkú. Ìdílé méjì ló ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, owó ni wọ́n ń gbà, ẹgbẹ́ kò sì ní àṣẹ lórí wọn.

Mo tún ka iṣẹ́ náà ní sẹ́mínà lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó sì lọ. Ohun tó yẹ kí n sọ ni àṣìṣe tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ka tirẹ̀ nípa àwọn ọmọ yàhú. Ó lo tíọ́rì Robert Merton, ti 1938: àwùjọ gbé owó ka iwájú gbogbo ènìyàn bí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé, kò sì fún gbogbo wọn lọ́nà tó tọ́, àwọn kan wá dá ọ̀nà tiwọn. Mo dìde, mo ní, "Ṣé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni tíọ́rì yìí ti wá?" Ó gbèjà ara rẹ̀. Èmi náà fèsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lórí ibi tí tíọ́rì ti wá, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tuntun kan nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti fún un ní ìbéèrè tí kò sí ohun tó lè lọ wò.

Mo lọ bá a níta lẹ́yìn náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bi í lọ́nà mìíràn: "Nínú àwọn ọmọ tí o bá sọ̀rọ̀, ta ni kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ owó? Kí ló ń wá?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní méjì wà. Ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n pe òun jókòó láàárín àwọn àgbà níbi ìsìnkú bàbá òun, torí òun ni àbígbẹ̀yìn. Gbogbo tíọ́rì rẹ̀ gbà láìsọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń lé, ọmọ yẹn sì ń lé ipò àgbà. Ó ti wà nínú téèpù rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò kàn sí àpótí tó lè gbé e sí.

Tèmi náà ṣì ní ibi tí kò tíì dí. Nínú ìwé ẹgbẹ́ ìlú wa, orúkọ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gègé pupa fà, àwọn tó kúrò, àwọn tí mo sọ fún Màmá Ìjùmú lọ́jọ́sí pé kò sí. Mo ti rí mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ń tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe ní Lọ́kọ́já. Mo bi í bóyá kò nígbàgbọ́ nínú dídá owó jọ mọ́ ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó sì yọ káàdì àjọ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò náà láti inú àpò. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò fo oṣù kankan. Mo da káàdì náà kọ sínú ìwé mi. Orúkọ márùn-ún ló kù tí mo ń wá.